Ìpolówó Méjì fún Ọjà Kan: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Ń Tajà

Ìpolówó orí Fesibúùkù tàbí Ínsítágíráàmù ní ohun mẹ́ta tí ọlọ́jà lè yí padà láìfọwọ́ kan ọjà fúnra rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìfà, ìyẹn ohun tó ń dá ẹni tó ń fi ìka yí ojú fóònù sókè dúró: ìlà kìíní nínú ọ̀rọ̀, ohun tí ojú kọ́kọ́ bá nínú àwòrán, tàbí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú fídíò. Èkejì ni àdéhùn, ìyẹn ohun tí oníbàárà máa rí gbà àti iye tí yóò san fún un, títí kan ẹ̀dínwó, owó ìfiránṣẹ́ àti àyè láti dá ọjà padà. Ẹ̀kẹta ni ìrísí: ṣé àwòrán ni, ṣé fídíò ni, àbí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ọjà bá tà, ọlọ́jà kì í mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe é. Bí kò bá tà, kò mọ èyí tí yóò tún ṣe.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí a ṣe ẹ̀dà méjì ìpolówó kan náà, kí wọ́n yàtọ̀ ní ibì kan ṣoṣo, kí a pín àwọn tó máa rí wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké, kí a sì ka iye ẹni tó rà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí ti wà kí ayélujára tó dé. Claude Hopkins, akọ̀wé-ìpolówó ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tó gbé jáde ní 1923: kúpọ́ọ̀nù tí òǹkàwé máa gé nínú ìwé ìròyìn ní àmì tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ó bá dé padà, wọ́n á mọ ìpolówó tó mú un wá. John Caples náà kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1932. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ń tẹ ìpolówó méjì sí ojú ewé kan náà lọ́jọ́ kan náà, ìwé kan á gbé ti àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀lé e á gbé ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí òkìtì. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn kò mọ èwo ló bọ́ sí òun lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni agbára ìdánwò náà wà. Kò sí ìdí tí àwọn tó rí ẹ̀dà kan yóò fi lówó ju àwọn tó rí èkejì lọ.

Fún ọlọ́jà tó ń tà lórí Wasáàpù, kúpọ́ọ̀nù Hopkins ṣì wúlò. Kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbé oníbàárà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ dè é, kí àmì ẹ̀dà náà sì wà nínú rẹ̀. Ìlà méjì yìí ti tó, bí a bá fi nọ́ńbà ọlọ́jà rọ́pò X:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20bubu%20K1
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Mo%20fe%20bubu%20K2
```

Ẹni tó tẹ ti àkọ́kọ́ á rí "Mo fe bubu K1" nínú àpótí ọ̀rọ̀ rẹ̀, á kàn fi ránṣẹ́ ni. Láti ìgbà náà lọ, ọlọ́jà lè kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: ẹni yìí wá láti K1, ó béèrè iye owó, ó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, ó sanwó. Ìwé kékeré náà ṣeé gbára lé ju òǹkà orí Fesibúùkù lọ. Fesibúùkù mọ ẹni tó tẹ ìpolówó, kò mọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ sí báńkì.

Ká wá ní obìnrin kan ń ran búbú àdìrẹ tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó. ₦18,000 ni búbú kan, ₦3,000 ni owó ọlọ́kadà àti mọ́tò tó ń gbé e lọ. Ìpolówó tó wà nílẹ̀ jẹ́ àwòrán obìnrin kan tó wọ búbú náà, ìlà kìíní rẹ̀ sì ni "Búbú àdìrẹ láti Ìtòkú, Abẹ́òkúta". Àdéhùn ló yẹ kó kọ́kọ́ dán wò. Ìfà tó dára lè mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí àdéhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹnu ọ̀nà náà ni yóò ti padà, gbogbo owó tí a ná lórí ìfà á sì ṣòfò. Ó wá ṣe ẹ̀dà méjì. K1 sọ pé búbú jẹ́ ₦21,000, ìfiránṣẹ́ sí Èkó jẹ́ ọ̀fẹ́. K2 sọ pé búbú jẹ́ ₦18,000, oníbàárà ni yóò san owó ìfiránṣẹ́. Iye kan náà ló ń jáde lápò oníbàárà nínú méjèèjì. Àwòrán kan náà, ìlà kìíní kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ₦60,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni 96 ló kọ̀wé wá láti K1, ẹni 140 láti K2. Bí ó bá dúró síbẹ̀, K2 ló borí: ₦429 ló ná an láti rí ẹni kan bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nígbà tí ti K1 jẹ́ ₦625. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró síbẹ̀ lóòótọ́, nítorí òǹkà tí Fesibúùkù fi síwájú wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré ní ìyókù ìtàn náà. Nínú 140 ti K2, ẹni 30 péré ló fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, ẹni 12 ló sanwó. Nínú 96 ti K1, ẹni 54 ló fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, ẹni 18 ló sanwó. ₦18,000 fa ènìyàn púpọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ₦3,000 lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ dákẹ́. Bí a bá pín owó ìpolówó fún àwọn tó rà, olùrà kan láti K1 ná an ní ₦3,333, láti K2, ₦5,000.

Ṣé K1 ló borí nìyẹn? Kò tíì yá. Èèṣì nìkan lè ṣe 18 sí 12. Bí ìpolówó méjì bá dọ́gba pátápátá, iye olùrà wọn kì í bára mu, gẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ tí a ta sókè nígbà 30 kì í sábà fi orí hàn ní 15 gẹ́lẹ́. Ìṣirò kan wà tí ọlọ́jà lè fi ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ṣe, tó sì dára tó bí owó tí a ná lórí ẹ̀dà méjèèjì bá dọ́gba: kí a yọ iye olùrà ẹ̀dà kan kúrò nínú ti èkejì láti rí ìyàtọ̀, kí a pa iye méjèèjì pọ̀, kí a wá gbòǹgbò onípò méjì rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá ohun tó jáde yẹn, a lè gbà pé kì í ṣe èèṣì.

```
18 - 12 = 6
2 × √(18 + 12) = 2 × 5.5 = 11
```

6 kò dé 11, nítorí náà olùrà kò tíì sọ ohunkóhun tó dájú. Tí ìwọ̀n kan náà bá ń bá a lọ títí iye wọn fi di 90 sí 60, ìyàtọ̀ á jẹ́ 30, ààlà á sì jẹ́ 24.5, ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà. Kí ó tó dé ibẹ̀ yóò ná an ní ìlọ́po márùn-ún owó àkọ́kọ́, èyí kì í sì í ṣe owó ọlọ́jà kékeré. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ṣe ni kí wọ́n gùn sẹ́yìn ní ìpele kan, kí wọ́n ka ohun tó súnmọ́ rírà jù lọ tí iye rẹ̀ sì pọ̀ díẹ̀. Àdírẹ́sì ni nǹkan náà níbí. 54 sí 30: ìyàtọ̀ jẹ́ 24, ààlà jẹ́ 18.3. Ó kọjá. Ẹni tó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ ti gbọ́ gbogbo iye owó, ó sì ti ń ronú ibi tí ọjà yóò bá òun, nítorí náà ó jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà ju ẹni tó kàn béèrè "èló ni?" lọ. Ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni obìnrin náà yóò mú.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba irú ìdánwò yìí jẹ́. Èkíní ni ìkánjú. Ní ọjọ́ kejì, K1 lè ti ní olùrà 5 kí K2 ní 1, ọwọ́ ọlọ́jà á sì máa yún un láti pa K2. Ìyàtọ̀ jẹ́ 4 níbẹ̀, ààlà jẹ́ 4.9. Ẹni tó ń wo òǹkà lójoojúmọ́ tó sì ṣetán láti dáwọ́ dúró nígbàkigbà tí ẹ̀dà kan bá yọrí, yóò rí ọjọ́ kan tí èèṣì á gbé ọ̀kan sókè kọjá ààlà, á sì pè é ní ìṣẹ́gun. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan odindi, kí ọjọ́ iṣẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Kí ẹ̀dà méjèèjì sì jọ jáde pọ̀. Ẹni tó lo K1 ní ọjọ́ 12 oṣù tó wá lo K2 ní ọjọ́ 28, owó oṣù ló dán wò.

Èkejì fara pamọ́ díẹ̀. Bí a bá kó ìpolówó méjì sínú agbo kan náà lórí Fesibúùkù, ẹ̀rọ náà kì í pín owó dọ́gba. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti fojú díwọ̀n èyí tó rò pé yóò ṣe dáadáa, ó sì kó owó lọ síbẹ̀. Èkejì lè kú kí ènìyàn tó rí i. Nítorí èyí ni irinṣẹ́ tí wọ́n pè ní "A/B test" fi wà nínú Ads Manager: ó ń pín àwọn ènìyàn sọ́nà méjì, kí ẹni tó rí ẹ̀dà kan má rí èkejì. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣì ń yan ẹni tí yóò fi ìpolówó hàn nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀dà kan bá jẹ́ fídíò, àwọn tó fẹ́ràn wíwo fídíò ni yóò máa fi hàn. Ohun tí ìdánwò ń sọ ni pé ẹ̀dà yìí, pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀rọ wá fún un, ló mú owó wá jù. Ó tó fún ẹni tó fẹ́ tajà. Kò tó fún ẹni tó fẹ́ sọ pé gbogbo obìnrin Èkó ló fẹ́ràn gbólóhùn kan ju òmíràn lọ. Meta tilẹ̀ sọ fún àwọn tó ń polówó pé agbo ìpolówó kan nílò bí àbájáde 50 láàárín ọjọ́ méje kí ẹ̀rọ tó kọ́ ibi tí yóò gbé e lọ, àti pé àtúnṣe ńlá sí i á dá ẹ̀kọ́ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ìpolówó rẹ̀ lójoojúmọ́ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mọ nǹkan kan rí.

Lẹ́yìn àdéhùn ni ìfà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni pé àwọn ènìyàn ń dán ohun kéékèèké wò: ọ̀rọ̀ kan tí a yí, àwọ̀ lẹ́tà tí a sọ di pupa. Ìyàtọ̀ kékeré ń gba olùrà púpọ̀ kó tó hàn. Bí ìyàtọ̀ tí a ń wá bá dín sí ìdajì, iye ẹni tí a nílò láti rí i á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọlọ́jà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ gbé èrò méjì tó jìnnà síra kalẹ̀. Obìnrin Ìtòkú yìí mọ ohun tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́: ṣé kò ní ṣí? Àdìrẹ tí aró rẹ̀ kò mu aṣọ dáadáa á ba gbogbo aṣọ inú báàfù jẹ́ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́. Ó fi ìlà àtijọ́, "Búbú àdìrẹ láti Ìtòkú, Abẹ́òkúta", sí K3, ó sì kọ "Ẹ fi aṣọ funfun fọ̀ ọ́ pọ̀. Aró rẹ̀ kì í ṣí" sí K4. Ó ti fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ìfà tó jẹ́ irọ́ á tajà lẹ́ẹ̀kan, á sì kó aṣọ padà wá. Méjèèjì kúrú tó láti hàn tán, torí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó bá kọjá nǹkan bíi lẹ́tà 125 á sá sábẹ́ "See more", ìwọ̀nba ènìyàn ló sì ń tẹ̀ ẹ́.

K3 mú olùrà 13 wá, K4 mú 29. Ìyàtọ̀ jẹ́ 16, ààlà jẹ́ 13. Orúkọ Ìtòkú dùn létí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìlà tó dáhùn ẹ̀rù ló mú kí ènìyàn mú owó jáde. Kí ó má ṣe retí 29 nígbà tó bá tún lò ó o. Ẹ̀dà tó borí sábà máa ń rẹ̀lẹ̀ díẹ̀ nígbà kejì, nítorí pé lára ohun tó gbé e borí ni oríire ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìrísí ló kù, ibẹ̀ sì ni ojú ti máa ń tan ènìyàn jù. Ó ya fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ń fa aṣọ jáde látinú ìkòkò aró. Aṣọ tí a fi ẹlú pa kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ló ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni tó ń wò ó. Ó dùn-ún wò gan-an. Ó fi fídíò náà, K6, dojú kọ àwòrán rẹ̀, K5, pẹ̀lú ìlà kìíní tó borí àti ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú méjèèjì. Fídíò hàn nígbà 40,000. Nígbà 14,000 ni wọ́n wò ó kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìyẹn 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ènìyàn sì ń kọ "ó mà rẹwà o" sábẹ́ rẹ̀. Olùrà 11 ló mú wá. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀ mú 23 wá. Ìyàtọ̀ jẹ́ 12, ààlà jẹ́ 11.7, ó kọjá bíńtín.

Ẹni tó bá parí èrò síbẹ̀ yóò sọ pé fídíò kò dára fún búbú. Àmọ́ fídíò ní òǹkà tí àwòrán kò ní, ó ń fi ibi tí àwọn ènìyàn ti kúrò hàn. Nígbà 14,000 ni wọ́n dúró, nígbà 3,200 péré ni wọ́n dé ìṣẹ́jú-àáyá 15. Búbú tí a ti rán kò sì hàn títí di ìṣẹ́jú-àáyá 20. Iye owó hàn ní 28. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wo fídíò náà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ta aṣọ. Ìwòran ni wọ́n wá ṣe, wọ́n ṣe é, wọ́n lọ. Ó tún un gé: obìnrin tó wọ búbú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìkòkò aró gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, aṣọ funfun tí wọ́n fọ̀ pọ̀ mọ́ ọn tẹ̀lé e, iye owó sì hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì sójú fídíò, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò láìtan ohùn. Ó tún yan àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ dátà máa ń pa fídíò tó ń dá ṣeré, ojú àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń rí.

Nígbà tó tún gbé fídíò tuntun àti àwòrán náà jáde pọ̀, àwọn tó kọjá ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta dín kù sí 9,000 nínú 40,000. Ṣùgbọ́n olùrà di 26, àwòrán mú 21 wá. Ìyàtọ̀ jẹ́ 5, ààlà jẹ́ 13.7: ọ̀mì ni. Ọ̀mì náà jẹ́ ìdáhùn. Ó ń sọ pé láàárín ìrísí méjèèjì, kò sí èyí tó yẹ kí a máa ná owó afikún lé lórí láti ṣe, àwòrán sì rọrùn-ún yà ju fídíò lọ. Ó tún fi hàn pé ètò inú fídíò, èyí tó wá ṣáájú àti èyí tó wá lẹ́yìn, lágbára ju bí ó ṣe jẹ́ fídíò lọ.

Ìpolówó ọ̀rọ̀ lásán ní ibùgbé tirẹ̀, orí Gúgù, níbi tí ènìyàn ti tẹ "búbú àdìrẹ Èkó" fúnra rẹ̀ kó tó rí i. Níbẹ̀, ọlọ́jà lè kó àkọlé tó tó 15 sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 30 lọ, pẹ̀lú àpèjúwe mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju lẹ́tà 90 lọ, Gúgù á sì máa tò wọ́n pọ̀ lónírúurú. Nítorí pé Gúgù ló ń tò wọ́n, ẹni tó fẹ́ mọ agbára ìlà kan gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àyè kan kó má lè kúrò níbẹ̀. Kò sì tọ̀nà láti fi olùrà tó ti Gúgù wá wé èyí tó ti fídíò Ínsítágíráàmù wá, kí a sì sọ pé ọ̀rọ̀ borí àwòrán. Ẹni tó ń wá búbú ti pinnu tán. Ẹni tó ń wo Ínsítágíráàmù kò ní in lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ ni kí a fi wéra níbẹ̀.

Èsì ìdánwò máa ń gbó. Ads Manager ní òǹkà kan tó ń jẹ́ "Frequency", tó ń sọ iye ìgbà tí ẹnì kan ti rí ìpolówó. Bí ó bá ń gòkè tí owó tí a ń ná kí a tó rí olùrà kan sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀, àwọn tó lè rà láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ti rà tán, ìyókù ti sú. Obìnrin Ìtòkú kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ látorí àdéhùn nígbà náà. Ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti ìdáhùn sí ẹ̀rù aṣọ tó ń ṣí ṣì lè pẹ́ nílẹ̀. Àwòrán ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀, ẹlòmíràn tó wọ̀ ọ́, ibòmíràn, kí ó sì fi tuntun dojú kọ ti àtijọ́. Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ń bọ̀, ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà á yí padà, àdéhùn ₦21,000 fún ẹyọ kan lè wá pàdánù sọ́wọ́ ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá ra mẹ́ta fún ẹbí. Ìyẹn ni K9 àti K10, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí tí a ti kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde.